Etí mi ń hó, wọ́n ní kí n lọ síbi tó dákẹ́

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fa àga súnmọ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti kú, ìgbà yẹn gan-an ni etí yín máa ń ké "híìììì" bí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èrò mi síta kí ẹ má baà ní mo ń yí ọ̀rọ̀ po. Ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn máa ń fún ẹni tí etí rẹ̀ ń hó, pé "lọ síbi tó dákẹ́ rọ́rọ́, ti fèrèsé, ti ilẹ̀kùn, sinmi", ìmọ̀ràn burúkú ni. Ìdákẹ́jẹ́ ni oúnjẹ tí ìró yẹn ń jẹ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bọ́ ọ ní àbọ́yó kí ẹnìkan tó sọ fún mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣègbéyàwó ní Ìbàdàn, ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹwàá. Èmi ni mo ń ya fídíò fún ìyàwó. Ẹ mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń náwó ni fídíò tó dùn máa ń wà, iwájú báńdì ló sì wà. Torí náà, ẹ̀gbẹ́ sípíkà ni mo dúró sí láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Sípíkà yẹn ga jù mí lọ. Ó ń gbá mi láyà bí ẹni ń gún iyán.

Nígbà tí a wọ mọ́tò, ó dà bíi pé inú ìkòkò ni gbogbo èèyàn ti ń sọ̀rọ̀. Fèrè kan sì ń dún létí mi méjèèjì. Mi ò kà á sí, ṣebí ó máa ń ṣe gbogbo wa lẹ́yìn òwàḿbẹ̀. Nígbà tó fi máa di alẹ́ Sọ́ńdè, ohùn àwọn èèyàn ti là padà. Fèrè yẹn ò lọ. Ọjọ́ Mọ́ńdè, kò lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣì wà níbẹ̀ bí àlejò tó ti gbé àpò ẹ̀ wọ yàrá.

Màámi ní ẹnìkan ló ń dárúkọ mi. Mo ní, "Màámi, ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹni yẹn ò níṣẹ́ mìíràn ni?" Wọ́n ní kí n má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibẹ̀ ni ìwòsàn ọwọ́ ara ẹni ti bẹ̀rẹ̀ o. Ẹnìkan ní kí n kán àdí gbígbóná sí i. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa fún mi ní oògùn etí kan láì tiẹ̀ wo inú etí náà. Èmi fúnra mi sì ń fi kọ́tìnnì bọ́ọ̀dù ro ó ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́, torí mo rò pé nǹkan ló wà níbẹ̀ tí mo lè fà jáde. Ẹ fọkàn sí kọ́tìnnì bọ́ọ̀dù yẹn, ó ń bọ̀ wá jẹ́jọ́.

Ìgbà tí oṣù mẹ́ta pé ni mo tó lọ rí dókítà etí. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. Ó tan iná sínú etí ọ̀tún mi, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Ọmọ mi, kí lo fi ń ro etí?"

"Kọ́tìnnì bọ́ọ̀dù ni, mà."

"O ò fi ro ó. O fi ń kì í ni."

Ṣé ẹ rí i, ìdọ̀tí etí ò nílò ìrànwọ́ wa. Awọ inú ihò etí máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti inú bọ̀ síta, ó sì ń gbé ìdọ̀tí náà bọ̀ wá síwájú. Tí a bá wá ki igi tó ní òwú lórí bọ̀ ọ́, díẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ òwú, ìyókù ló ń tì lọ sẹ́yìn títí á fi dì mọ́ ìlù etí bí amọ̀. Ìyẹn nìkan tó láti mú kí etí hó, torí pé tí ohùn ìta ò bá wọlé dáadáa mọ́, ìró inú ló máa gbayì. Ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ro etí nílé wa, èmi náà rò pé mo ti lajú nítorí mo ra ti inú ọ̀rá. Ohun kan náà ni.

Dókítà fún mi ní oògùn tó ń mú un rọ̀, ó ní kí n máa kán an fún ọjọ́ márùn-ún, kí n wá padà. Nígbà tí mo padà dé, ó fi ẹ̀rọ fà á jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní sọ bí ó ṣe tóbi tó. Láàárín wákàtí kan, fèrè etí ọ̀tún ti rọlẹ̀ gan-an. Ti òsì ò mira. Etí òsì ni mo sì kọ sí sípíkà lọ́jọ́ yẹn.

Mo sọ èyí torí pé àwa tí a wà lórí ẹ̀rọ ayélujára, a máa ń fẹ́ kí ohun kan ṣoṣo jẹ́ ìdí gbogbo nǹkan. Etí méjì ló wà lórí mi, ìdí méjì ló sì wà. Ẹni tó bá ní ìdọ̀tí ló fà á, kò parọ́. Ẹni tó bá ní ariwo ni, kò parọ́. Àyẹ̀wò ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó tún bi mí nípa oògùn. Ó ní ṣé mo lo kínínì fún ibà láìpẹ́, ṣé mo máa ń lo ásípírìn púpọ̀, ṣé wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ jẹntamáísìnì rí. Mi ò lo ọ̀kankan, àmọ́ ẹ rántí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Híhó etí tí kínínì àti ásípírìn tó pọ̀ jù ń fà sábà máa ń lọ tí wọ́n bá dá oògùn náà dúró. Ti jẹntamáísìnì lè má lọ mọ́ láéláé, torí ó lè pa ohun tó ń gbọ́ràn nínú etí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹ́ kí wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́ tí ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, mo ń wò yín o. Tó bá sì jẹ́ dókítà ló kọ ọ́, ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín. Ẹ padà lọ sọ fún un pé etí yín ti ń hó.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti etí òsì, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ mi.

Wọ́n fi mí sínú yàrá kékeré kan tí ariwo ò lè wọ̀, wọ́n fi nǹkan bò mí létí, wọ́n ń ta ohùn sí mi, kí n máa tẹ bọ́tìnnì tí mo bá gbọ́. Ohùn tó nípọn, mo gbọ́ ọ. Ohùn àárín, mo gbọ́. Nígbà tó dé ohùn tó tinrín, ní nǹkan bíi 4,000 hẹ́ẹ̀tìsì, ibi tí "s" àti "f" wà nínú ọ̀rọ̀, wọ́n ní láti gbé e sókè kí n tó gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ó tún dára padà. Lórí ìwé, ó dà bí ihò tó wà láàárín títì. Dókítà ní ihò tó bá wà níbi yẹn, ariwo ló sábà máa ń gbẹ́ ẹ.

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rèé. Nínú etí lọ́hùn-ún, nǹkan kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín, omi sì wà nínú rẹ̀. Àwọn irun wíńwíńwín ló tò sínú omi yẹn. Tí ohùn bá dé, omi á mì, irun á tẹ̀, òun ló ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ariwo tó pọ̀ ń tẹ irun náà bí ìjì ṣe ń tẹ àgbàdo. Tí ìjì bá dáwọ́ dúró kíákíá, àgbàdo á nàró padà. Ìdí nìyẹn tí etí fi máa ń là lọ́jọ́ kejì òwàḿbẹ̀. Tí ìjì bá pẹ́, àwọn kan á dá. Irun tó bá ti dá nínú etí èèyàn kì í hù mọ́.

Ọpọlọ wá ń retí iṣẹ́ láti ibi tí irun ò sí mọ́. Kò rí i gbà. Kí ló máa ṣe? Ó máa yí fólúùmù ara ẹ̀ sókè. Ẹ ronú rédíò tí síteṣọ̀n rẹ̀ ò wọlé dáadáa: ẹ yí i sókè tán, "ṣììììì" nìkan lẹ gbọ́. Fèrè tí mò ń gbọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ń fọn ọ́ nínú etí mi. Ọpọlọ ló ń gbọ́ ìgbìyànjú ara ẹ̀. Ìdí rèé tí oògùn tí a ń kán sí ihò etí ò fi lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ láyé. Ẹ kán ọtí, ẹ kán àdí, ẹ kán omi àlùbọ́sà, ibi tí ọ̀rọ̀ wà jìnnà síbẹ̀. Tí ìlù etí bá sì ti lu, ẹ tún ń da nǹkan sínú egbò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò ti ìgbéyàwó yẹn, kí ẹ lè rí i pé kì í ṣe àsọdùn. Àjọ kan tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, NIOSH, dámọ̀ràn kí ariwo ibi iṣẹ́ má kọjá dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Ohun tí èèyàn ò mọ̀ ni pé tí ẹ bá fi 3 péré kún un, àkókò yẹn á já sí méjì. 88, wákàtí mẹ́rin. 91, wákàtí méjì. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá dé 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló kù.

Nígbà tí mo tún lọ ya fídíò níbi òmíràn, mo fi áàpù kan tó ń jẹ́ NIOSH SLM wọn ariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà. Ó ń lọ ó ń bọ̀ ní 100. Wákàtí márùn-ún tí mo lò lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ìṣẹ́jú. Ẹ pín in sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá jẹ́ irú sípíkà kan náà ni, ariwo ogún ọjọ́ iṣẹ́ ni mo gbà sétí ní ìrọ̀lẹ́ ẹyọ kan. Wọn ò tiẹ̀ san owó mi pé.

Mi ò ní kí ẹ má lọ òwàḿbẹ̀. Kí ni a ó wá máa ṣe ní Sátidé? Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹsẹ̀ yín lè ṣe ohun tí oògùn ò lè ṣe. Níta gbangba, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí sípíkà, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 ló ń lọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ 100 ní mítà kan, á tó 88 ní mítà mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti di wákàtí mẹ́rin, ẹ ò sì tíì kúrò lábẹ́ kánópì. Nínú gbọ̀ngàn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, torí ògiri ń dá ohùn padà, àmọ́ ó ṣì sàn.

Ìdí kejì fún etí òsì mi ni ibi tí mo ti jẹ̀bi. Alẹ́ ni mo máa ń ṣe àtúntò fídíò, torí pé ìgbà yẹn ni dátà ń yára. Jẹnẹrétọ̀ alábàágbé wa wà lábẹ́ fèrèsé mi. Láti lè gbọ́ ohun tí mò ń ṣe, mo máa ń yí íàpíìsì sókè kó lè borí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí dókítà ní kí n wo fóònù mi, níbi tí wọ́n kọ Headphone Audio Levels sí, 89 ló wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá 80 fún wákàtí ogójì lọ́sẹ̀. Tó bá di 89, ìṣirò já-sí-méjì yẹn náà ni, wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀ ló kù. Èmi ń lo mẹ́rìndínlógójì.

Torí náà, íàpíìsì gan-an kọ́ ni ọ̀tá. Jẹnẹrétọ̀ tó ń mú mi yí i sókè ni. Mo pààrọ̀ íàpíìsì mi sí èyí tó di ihò etí pinpin kí ariwo ìta má ráyè wọlé, mo sì lọ sí Settings, Sounds & Haptics, Headphone Safety, mo tan Reduce Loud Audio, mo fi í sí 80. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó ṣe mí bíi pé fóònù bàjẹ́. Ó ti mọ́ mi lára báyìí.

Ó wá kan ìdákẹ́jẹ́.

Ní 1953, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Heller àti Bergman, mú ọgọ́rin èèyàn tí etí wọn dá ṣáká, wọ́n fi wọ́n sínú yàrá tí ohùn kankan ò lè wọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá gbọ́. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àwọn ń gbọ́ nǹkan: fèrè, kùn-ùn, ṣìì. Èèyàn tí kò ní àìsàn etí o! Inú gbogbo wa ni ariwo kékeré wà, ohùn ayé ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wá mú èmi tí ọpọlọ mi ti yí fólúùmù sókè, ẹ tì mí mọ́ yàrá tí fèrèsé pa, ẹ pa fáànù, ẹ ní kí n sinmi. Kí lẹ rò pé màá gbọ́?

Dókítà tiẹ̀ ṣe nǹkan kan tó yà mí lẹ́nu. Ó ń ta ohùn sí etí mi, ó ní kí n sọ ìgbà tó bá bá fèrè mi dọ́gba. Mo rò pé yóò pariwo bí sairíìnì. Ibi tó ti bá a dọ́gba, kò ju bí ewé ṣe ń fẹnu kan ewé lọ. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì mélòó kan péré ló fi ju ohun tó kéré jù tí mo lè gbọ́ lọ. Mo ní, "Mà, àbí ẹ̀rọ yín ò ṣiṣẹ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn: ohun tó ń yọ wá lẹ́nu kì í ṣe bí ó ṣe pariwo tó, bí ọkàn wa ṣe ń ṣọ́ ọ ni. Tí ọpọlọ bá ti kà á sí ewu, kò ní sinmi lórí ẹ̀. Tó bá kà á sí ohun tí kò já mọ́ nǹkan, bí ariwo fíríìjì, á gbàgbé ẹ̀.

Ìyẹn ni ìtọ́jú fífi ohùn ṣe wà fún. Kì í ṣe láti pa fèrè náà. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe. Mo rí fídíò ariwo òjò tó gùn tó wákàtí mẹ́wàá, mo ki íàpíìsì sétí, mo yí i sókè títí mi ò fi gbọ́ fèrè mọ́. Ọlọ́run, ó dùn! Mo sunkún. Ilẹ̀ mọ́, mo yọ íàpíìsì, fèrè padà dé bí ẹni lọ ìsinmi tó tún sanra bọ̀. Mo tún ti fi ariwo alẹ́ kan kún ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tó yẹ ni pé kí ẹ gbé ohùn náà kalẹ̀ nínú yàrá, kó má wà nínú etí. Ẹ yí i sókè díẹ̀díẹ̀ títí fèrè á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, kí ẹ wá yí i padà sílẹ̀ títí ẹ ó fi máa gbọ́ méjèèjì papọ̀, òjò àti fèrè. Ẹ fi síbẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé ọpọlọ ò lè fi ara kọ́ ohun tí kò gbọ́. Ó ní láti máa gbọ́ ọ pẹ̀lẹ́, láìsí ewu, lójoojúmọ́, kó tó lè sú u. Jastreboff ló gbé èrò yìí kalẹ̀ ní 1990, òun ni ọ̀pọ̀ dókítà etí ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní.

Ẹni tó ń lo íPhóònù ò nílò láti ra nǹkan kan. Ẹ lọ sí Settings, Accessibility, Audio & Visual, ẹ wo Background Sounds. Rain wà níbẹ̀, Ocean wà, Stream wà. Dark Noise ló bá mi lára mu jù, ó dà bíi fáànù ilé àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù míì, ẹ wa ohùn òjò sílẹ̀ kó máa dún láìlo dátà. Ẹ má mú orin tó ní ọ̀rọ̀, ẹ ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ má sì dúró di alẹ́: níbikíbi tó bá ti dákẹ́ jù, nígbà tí mo bá ń kọ̀wé, nígbà tí mo bá ń jẹun, mo máa ń tàn án.

Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu o. Oṣù kìíní, mi ò rí ìyàtọ̀. Ní bíi oṣù kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé mo ti lo ìrọ̀lẹ́ kan odindi láì rántí ẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, kò sì sí oògùn kankan títí di báyìí tí ìwádìí fi hàn pé ó ń pa ìró náà, ohun yòówù tí wọ́n bá kọ sára ìgò. Ẹni tí ìgbọ́ràn ẹ̀ ti dínkù gan-an, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ló sábà máa ń ràn án lọ́wọ́ jù, torí ó ń dá ohùn tí ọpọlọ ń wá padà fún un. Èyí tí ẹ̀rí pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ jù fún ìbànújẹ́ tó ń bá a wá ni jíjókòó ti onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tó máa kọ́ yín láti yí èrò tí ẹ ní nípa ìró náà padà. Ó wọ́n níbí, mo mọ̀.

Ti oorun ló le jù fún mi. Mo máa ń lọ dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kí n lè "sùn dáadáa", màá wá dùbúlẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́, mo ń ṣọ́ fèrè bí ọdẹ ṣọ́ ẹran. Wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́ ni mo fi ń kọ́ ọpọlọ mi pé bẹ́ẹ̀dì ni ibi tí a ti ń gbọ́ fèrè. Dókítà ní kí n má dé orí bẹ́ẹ̀dì kí ó tó di aago méjìlá, kí n jí ní aago mẹ́fà àbọ̀, yálà mo sùn tàbí mi ò sùn, Sọ́ńdè pẹ̀lú. Tí mo bá dùbúlẹ̀ tó bí ogún ìṣẹ́jú tí oorun ò wá, kí n dìde, kí n lọ jókòó síbòmíràn nínú iná tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, kí n ṣe nǹkan tí kò dùn, kí n padà nígbà tí ojú bá ń wúwo. (Mo ká aṣọ. Ilé wa ò rí irú ẹ̀ rí.) Kọfí àti ọtí agbára tí mo fi ń ṣe àtúntò fídíò, mi ò mu ún mọ́ lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìyẹn, mo dà bí òkú tó ń rìn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń sùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́jọ́ kejì tí mo bá sùn dáadáa, fèrè náà máa ń rọlẹ̀, àbí èmi ni mi ò ráyè tirẹ̀ mọ́, mi ò lè sọ èyí tó jẹ́.

Àwọn kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi kí ẹ sì lọ máa gbọ́ òjò. Tó bá jẹ́ pé ẹ jí lójijì tí etí kan ò gbọ́ràn mọ́, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: oògùn kan wà tí wọ́n lè fún yín, àmọ́ agbára ẹ̀ ń dínkù lójoojúmọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Tí ìró náà bá ń lù gbì-gbì bí ọkàn yín ṣe ń lù, tó bá wà ní etí kan ṣoṣo tí kò lọ, tí òòyì bá ń kọ́ yín, tí nǹkan bá ń ṣàn jáde ní etí, tàbí tí ojú yín bá rọ sápá kan, ẹ lọ. Ẹ̀yin tó bá sì jẹ́ pé ìró náà ti mú yín dé ibi tí ẹ ti ń rò pé kí ẹ kúkú kú, ẹ sọ fún ẹnìkan lónìí, kí ẹni yẹn bá yín lọ rí dókítà.

Mo ti ní ìdí-etí fóòmù nínú báàgì mi báyìí. Ẹ fi ìka yí i títí á fi tinrín bí igi ìṣáná, ẹ fi ọwọ́ kejì gba orí yín kọjá, ẹ fa etí sókè àti sẹ́yìn, ẹ tì í wọlé, ẹ di í mú fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kó wú. Tí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí méjèèjì tí ariwo tún dínkù púpọ̀ sí i, kò wọlé dáadáa nìyẹn, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un ṣe. Òwú lásán ò ṣe iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lò ó níbi òwàḿbẹ̀, àǹtí kan bi mí bóyá etí ń dùn mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni iná. Lánàá, fáànù ń fẹ́, mo ti sùn lọ fọnfọn. Ní nǹkan bíi aago mẹ́ta òru, wọ́n mú iná lọ, fáànù rọra dúró, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, fèrè sì jí mi. Mo nawọ́ sí fóònù láti tan òjò. Bátìrì ku ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ń wá fáànù tó ń gba iná pamọ́ rà, èyí tó lè fẹ́ di àárọ̀. Ẹni tó bá mọ èyí tó dáa, kó sọ orúkọ ẹ̀ fún mi, àti iye tó rà á.